Bọ́sárì, sikọ́láṣíìpù, gíráǹtì: èwo ló yẹ kí ọmọ kọ sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù?

Àbẹ̀kẹ́ Sángo | Ọjọ́ Ajé, aago 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ta kókó sí mi lọ́wọ́, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá mi tú u. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi wà ní yunifásítì níbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọdún kẹta. Ìkéde mẹ́ta ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ wa pe tirẹ̀ ní bọ́sárì. Iléeṣẹ́ kan pe tirẹ̀ ní sikọ́láṣíìpù, 200,000 náírà lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde ní dipátímẹ́ǹtì wọn pe tiwọn ní gíráǹtì, 80,000 náírà, fún àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí.

Lójú tèmi, orúkọ mẹ́ta tí wọ́n fún nǹkan kan ṣoṣo ni. Àmọ́ ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ náà tí kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní kí ọmọ sọ bóyá ó ń gba sikọ́láṣíìpù, bọ́sárì tàbí gíráǹtì mìíràn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ti san 40,000 fún un lọ́dún tó kọjá. Tó bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ṣé wọn ò ní já a? Tó bá kọ "rárá", ṣé kì í ṣe irọ́? Wọ́n á ti fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọmọ Agbowó | aago 8:05 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ọmọ tó mọ̀wé ni wọ́n ń fún ní sikọ́láṣíìpù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó ni wọ́n ń fún ní bọ́sárì. Gíráǹtì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò àti àwọn lẹ́kítọ́rà tó ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà 40,000 ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kì í ṣe sikọ́láṣíìpù. Kó kọ "rárá", kó máa lọ.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà | aago 8:31 àárọ̀

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Bọ́sárì ni, kí ọmọ náà tètè débẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù, torí èrò máa ń pọ̀ lójú fèrèsé wọn. Kó mú rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ dání, ojúlówó àti ẹ̀dà, pẹ̀lú nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀. Tí orúkọ rẹ̀ ò bá jáde lára àwọn tó ti sanwó, kó bèèrè fún ẹni tó ń mójú tó fákọ́tì wọn. Kó má fi rìsíìtì ojúlówó sílẹ̀ fún wọn o.

Àbẹ̀kẹ́ Sángo | aago 8:40 àárọ̀

Ẹ ṣé, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń bèèrè o. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ọmọ ni wọ́n ń pè ní bọ́sárì lórí ìkéde tiwọn.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 9:17 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, torí àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀, ó sì nídìí. Nínú èdè Látìn, "bursa" ni àpò owó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ẹni tó ń tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́ ní bọ́sà, tí wọ́n sì pe ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bọ́sárì. Owó tí wọ́n bá yọ nínú àpò yẹn ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tún ń jẹ́ bọ́sárì. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Tí ìkéde bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ "lọ sí Bọ́sárì", ọ́fíìsì ni. Tí ó bá ní kó "kọ̀wé béèrè bọ́sárì", owó ni.

Ọmọ Agbowó, o gba ibì kan, o ṣìnà níbì kan. Bí ìwé atúmọ̀ ṣe là á sílẹ̀ lo ṣe là á sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìkéde ilẹ̀ wa kì í tẹ̀ lé e. Bọ́sárì tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń san níbí, ọmọ bíbí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọn kì í sábà béèrè iye tí òbí ń gbà lóṣù. Lẹ́tà ìbílẹ̀, lẹ́tà ìgbàwọlé, káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ọmọ olówó lè gbà á, ọmọ aláìní tó jẹ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn ò lè gbà á. Sikọ́láṣíìpù náà ò fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti ọmọ tó mọ̀wé jù lọ. Òmíràn wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, òmíràn fún ọmọ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan, tí àmì "C" sì tó o.

Nítorí náà, ẹ má bi ara yín léèrè pé kí ni orúkọ owó náà túmọ̀ sí. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wá nínú ìkéde. Kí ni wọ́n fi ń yan ọmọ? Ta ni wọ́n ń san owó náà fún, ọmọ ni tàbí ilé ẹ̀kọ́? Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbà á, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé wọ́n sì gbà kó ní òmíràn mọ́ ọn? Ìgbà tí ẹ bá rí èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà pè é.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kó má kọ "rárá". Ìbéèrè yẹn dárúkọ bọ́sárì ní tààràtà. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè wí pé òun ò mọ̀ pé bọ́sárì wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìkéde kọ̀ọ̀kan síbí, kí a lè wò ó.

Ọmọ Agbowó | aago 9:26 àárọ̀

Bàbá Akọ̀wé, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n "lọ́wọ́lọ́wọ́" ni wọ́n kọ. Owó tí wọ́n san lọ́dún tó kọjá ti tán, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ibo ni irọ́ wà níbẹ̀?

Ìyá Àpẹ̀tẹ̀ | aago 10:02 àárọ̀

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ mi ń ṣe HND. Ẹnì kan fi ìkéde ránṣẹ́ sí wa pé NELFUND ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gíráǹtì, pé wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì tún máa fún ọmọ ní 20,000 lóṣù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí a máa dá a padà?

Tísà Ìjokòdó | aago 10:20 àárọ̀

Ìyá Àpẹ̀tẹ̀, ẹ máa dá a padà o. Ẹ̀yáwó ni NELFUND, kì í ṣe gíráǹtì. Ẹni tó kọ ìkéde yẹn ló ṣe àṣìṣe, àṣìṣe ńlá sì ni. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ lónìí ni wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Òótọ́ ni pé owó ilé ẹ̀kọ́ máa lọ tààrà sí àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́, tí 20,000 fún ìtọ́jú ara sì máa wọ àkáǹtì ọmọ lóṣooṣù. Òótọ́ sì ni pé kò ní èlé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti parí àgùnbánirọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mi ò sọ pé kó má gbà á. Mo ń sọ pé kó mọ̀ pé gbèsè ni kó tó tẹ "mo gbà". Ìkéde tó bá jẹ́ ti ẹ̀yáwó kì í ṣàìní ọ̀rọ̀ ìdápadà nínú, pàápàá lápá ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ tín-ín-tín. Bọ́sárì, sikọ́láṣíìpù àti gíráǹtì kì í ní ìdápadà olóṣooṣù.

Adé tó wà ní Jóbọ́ọ̀gì | aago 11:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tísà, ọ̀rọ̀ yín ìkẹyìn yẹn ló mú mi dá sí i. Fún ìkéde ilẹ̀ wa, ó bá a mu dáadáa. Níhìn-ín ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó bá rí "bọ́sárì" tó rò pé ọ̀fẹ́ ni, ó lè fi gbèsè parí rẹ̀. Bọ́sárì tí iléeṣẹ́ ńláńlá àti ìjọba ibí ń fúnni sábà máa ń ní àdéhùn iṣẹ́ nínú. Ẹ wo Funza Lushaka, tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá san fún ọ, ìwọ náà á fi ọdún kan kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Tí wọ́n bá san ọdún mẹ́rin, wàá kọ́ni fún ọdún mẹ́rin. Tí o bá kọ̀, bọ́sárì náà á di ẹ̀yáwó, wàá sì san án padà tòun tèlé.

Mo ń sọ èyí torí àwọn ọmọ wa ń ka ìkéde ilẹ̀ òkèèrè lórí fóònù, wọ́n ń fi ìtumọ̀ Ìbàdàn kà á.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 12:10 ọ̀sán

Adé, o ṣeun gan-an. Ohun tí a ń pè ní bọ́ǹdì nìyẹn. Kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa náà. Lẹ́kítọ́rà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá fi owó TETFund rán lọ kàwé máa ń tọwọ́ bọ ìwé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan. Sikọ́láṣíìpù ni wọ́n sì ń pe ìyẹn! Ẹ wá rí i pé ohun kan náà ń jẹ́ bọ́sárì ní Gúúsù Áfíríkà, ó ń jẹ́ sikọ́láṣíìpù níbí.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Àwọn ló sún mọ́ ohun tí Ọmọ Agbowó kọ, àmọ́ ibi tí àwa ti ń sọ bọ́sárì, gíráǹtì ni wọ́n ń sọ. Pell Grant, fún àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé rẹ̀ ò lówó ni ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún. Ọmọ tó ti Nàìjíríà lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó ṣaláìní tó.

Àbẹ̀kẹ́ Sángo | aago 2:33 ọ̀sán

Mo ti padà dé. Mo ka ìkéde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ ṣe ní kí n kà á, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Bọ́sárì ìjọba ìbílẹ̀: ọmọ bíbí ibẹ̀, tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án, sí àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa owó mìíràn. Kò sí ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn náà.

Sikọ́láṣíìpù iléeṣẹ́: CGPA 3.5 ó kéré tán nígbà tó ń wọ ọdún kẹta. 200,000 lọ́dọọdún títí á fi jáde, tó bá ṣì wà ní 3.5. Ẹni tó bá ń gba owó ẹ̀kọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, "wọ́n sì lè dín iye tí wọ́n á fún un kù". Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́, wọ́n á gba gbogbo ohun tí wọ́n ti san padà.

Gíráǹtì ẹgbẹ́: kí ọmọ kọ ohun tó fẹ́ ṣe ní ojú ewé méjì, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìnáwó. 50,000 ni wọ́n á kọ́kọ́ san, wọ́n á san 30,000 tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá rí rìsíìtì. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ dé láàárín 60 ọjọ́.

CGPA ọmọ wa jẹ́ 3.62.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ìwádìí yín péye. Ẹ wá wo bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe yàtọ̀ síra.

Bọ́sárì yẹn, tó bá ti wọ àkáǹtì, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ohun tí ọmọ fi rà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kó tó wọlé. Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà ìbílẹ̀, ti NIN àti ti báńkì gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀. Bí báńkì bá kọ "Adébáyọ̀ Oyèníyì", tí NIN kọ "Oyèníyì Adébáyọ̀ Samuel", wọ́n lè dá owó náà padà. Ọ̀pọ̀ kì í gba àkáǹtì òbí rárá. Àkáǹtì tí ọmọ kàn fi nọ́ńbà fóònù ṣí náà ní òdiwọ̀n iye tó lè wọ inú rẹ̀. Kó lọ sí báńkì lọ mú un kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀ ṣáájú.

Sikọ́láṣíìpù tiyín, àtigbà á kọ́ ni iṣẹ́ ńlá, àtidì í mú ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé yúnìtì 84 ló ti ṣe, tí àpapọ̀ àmì rẹ̀ jẹ́ 304, ẹ pín 304 sí 84, ẹ máa rí 3.62. Ká ní yúnìtì 42 ló máa ṣe lọ́dún kẹta, àpapọ̀ yúnìtì á di 126. Kó tó lè wà ní 3.5, àpapọ̀ àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 441. Yọ 304 kúrò, ó ku 137. Pín 137 sí 42, ó jẹ́ 3.26. Ìyẹn ni pé ó láyè díẹ̀: ó lè ṣe 3.3 lọ́dún kẹta kó má sì pàdánù owó náà. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì mẹ́ta kan tó bá gba "F" níbi tó yẹ kó gba "B", àmì 12 ló lọ yẹn.

Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ pàdánù rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe àmì. Èsì tó pẹ́ ni. Iléeṣẹ́ á béèrè èsì lóṣù kan pàtó, Sẹ́néètì ilé ẹ̀kọ́ ò tíì fọwọ́ sí i, ọmọ á dákẹ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Kó má dákẹ́. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí dipátímẹ́ǹtì pé èsì ò tíì jáde, kó sọ èyí tó ti jáde kẹ́yìn, kó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé.

Tísà Ìjokòdó | aago 4:41 ìrọ̀lẹ́

Àfikún kan sí ti Bàbá Akọ̀wé. Kí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wò ó bóyá 3.5 ti iléeṣẹ́ náà jẹ́ ti òṣùwọ̀n 5, bóyá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà sì ń lo òṣùwọ̀n 5. Yunifásítì kan ń lo 5, òmíràn ti lo 4. Pólì ń lo 4. Lórí òṣùwọ̀n 5, 3.5 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò kejì ti òkè. Ní Pólì, 3.5 ti di ipò tó ga jù lọ. Ìyá Àpẹ̀tẹ̀, ẹ rí i pé nọ́ńbà kan náà kì í ṣe òkè kan náà. Tí òṣùwọ̀n méjèèjì ò bá bára mu, kí ọmọ má ṣe fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Kó kọ bó ṣe wà, kó sì kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn: "3.1 nínú 4".

Ọmọ Agbowó | aago 5:15 ìrọ̀lẹ́

Gíráǹtì ńkọ́? Mo ṣì rò pé ìyẹn ló dára jù. 80,000 ni, kò sí ọ̀rọ̀ CGPA nínú rẹ̀. Kó gbà á, kó fi kún owó ilé.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Agbowó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Kò gbọ́dọ̀ fi kún owó ilé. Gíráǹtì ní iṣẹ́ tó ń bá a rìn, ìjíyìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe rí fún lẹ́kítọ́rà tó gba owó ìwádìí TETFund ló rí fún ọmọ ọdún kẹta tó gba 80,000, kìkì pé iye ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní iṣẹ́ tó kọ ni pé òun fẹ́ yẹ ilẹ̀ oko mẹ́fà wò ní agbègbè Akínyẹlé. Nínú àkọsílẹ̀ ìnáwó, ó kọ 60,000 fún yíyẹ ilẹ̀ wò ní láàbù àti 20,000 fún ọkọ̀. Ó gba 50,000 àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣe é tán, láàbù gba 52,000, ọkọ̀ gba 14,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66,000. Iye tó lè gbà nínú apá kejì jẹ́ 16,000, kì í ṣe 30,000. Tó bá fẹ́ lo 14,000 tó kù fún oko keje, kó kọ̀wé gba àṣẹ ṣáájú. Tó bá kọ́kọ́ ná an kó tó kọ̀wé, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Rìsíìtì ọkọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Mícrà àti ọ̀kadà kì í já rìsíìtì. Kí ọmọ ní ìwé kan tó ń kọ ọjọ́, ibi tó ti kúrò, ibi tó dé àti iye tó san, kí olùtọ́nisọ́nà rẹ̀ máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó tó gba owó ni kó ti béèrè bóyá ẹgbẹ́ náà gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan gbà á, òmíràn ò gbà á rárá, tí ọmọ á sì wá fi owó àpò ara rẹ̀ dí i.

Àbẹ̀kẹ́ Sángo | aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Háà. Àṣé iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó dára bí mo ṣe bèèrè. Kí wá ni kó kọ sí ibi ìbéèrè yẹn?

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 7:08 alẹ́

Kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni", kó sì ṣàlàyé rẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé. Gbólóhùn méjì ti tó: "Ìjọba ìbílẹ̀ mi san bọ́sárì 40,000 náírà sí àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀kan ní sáà tó kọjá. Kò sí èyí tí mo ń retí nínú rẹ̀ mọ́." Tó bá tún máa béèrè fún ti ọdún yìí, kò lè kọ gbólóhùn kejì yẹn. Kó kọ ọ́ pé òun ti béèrè, wọn ò tíì dáhùn.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ni pé wọn ò fẹ́ kí ẹni méjì san owó kan ṣoṣo. Ká ní owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ 150,000. Tí ẹlòmíràn bá ti san 60,000 tààrà sí ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó sọ pé owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan lòun ń san á san 90,000 tó kù. Ṣùgbọ́n 40,000 tó wọ àkáǹtì ọmọ fún jíjẹ-mímu kò dín gbèsè ilé ẹ̀kọ́ kù. Owó iṣẹ́ ìwádìí náà kò dín in kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa wo ẹni tí wọ́n ń san owó fún. Ẹni tó bá ń ka fọ́ọ̀mù lè rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ìlọ́po méjì níbẹ̀, bí ẹ bá ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, tí wọ́n sì rí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó gba bọ́sárì (àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri), irọ́ ni wọ́n á rí.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà | aago 7:25 alẹ́

Mo ti wá gbọ́ ọ yé wàyí. Ó kan ohun kan tí mo mọ̀ níbẹ̀ o. Tí òbí bá ti san owó ilé ẹ̀kọ́ tán, tí sikọ́láṣíìpù sì tún wá wọ àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́, owó náà kì í padà fúnra rẹ̀. Kí ọmọ kọ lẹ́tà sí bọ́sà, nípasẹ̀ olórí dipátímẹ́ǹtì, kó so rìsíìtì tirẹ̀ àti lẹ́tà sikọ́láṣíìpù mọ́ ọn. Kó sọ èyí tó fẹ́: kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí sáà tó ń bọ̀. Gbígbé e lọ síwájú ló máa ń yá jù. Ẹni tó bá wà ní ọdún ìkẹyìn ni kó béèrè fún ìdápadà.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 7:31 alẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Ìbejì.

Ọmọ Agbowó | aago 8:12 alẹ́

Mo gbà pé gíráǹtì kì í ṣe owó ilé. Lórí "lọ́wọ́lọ́wọ́", mi ò tíì gbà. Tí fọ́ọ̀mù bá béèrè ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ohun tó ti parí kò sí nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù mìíràn ò ní ibi àlàyé rárá, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló wà níbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá sì ń já gbogbo ẹni tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìsí ẹni tó ń kà á, ọmọ ti pàdánù nítorí 40,000 tó ti tán.

Tísà Ìjokòdó | aago 8:40 alẹ́

Ibẹ̀ yẹn, èmi náà fara mọ́ Ọmọ Agbowó díẹ̀. Tí kò bá sí ibi àlàyé, tí ìbéèrè sì sọ "lọ́wọ́lọ́wọ́", "rárá" fún owó tó ti parí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ ohun tó gbà àti ìdí tó fi tẹ "rárá". Kó tọ́jú ẹ̀dà ímeèlì náà.

Akọ̀wé Àgbà Bódìjà | aago 9:03 alẹ́

Tísà, èmi ò ní dá a lábàá. Ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò lè má ka ímeèlì. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí ìkéde kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun.

Àbẹ̀kẹ́ Sángo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. Mo ti pè wọ́n. Obìnrin tó gbé e ní bọ́sárì ẹ̀ẹ̀kan ti sáà tó kọjá kò dí ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni", kó ṣàlàyé rẹ̀. Ibi àlàyé wà lórí fọ́ọ̀mù tiwọn, ó wà lójú ewé kejì, èmi ni mi ò yí i dé ibẹ̀. Mo bèèrè nípa gíráǹtì. Ó ní òun á bi ọ̀gá òun léèrè, kò tíì pè mí padà.

Òṣùwọ̀n 5 ni ti iléeṣẹ́ àti ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù náà lónìí. Ti gíráǹtì, a ó mú un dúró títí obìnrin náà á fi pè, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù kí wọ́n tó ti ìyẹn.

Ìyá Àpẹ̀tẹ̀ | aago 1:52 ọ̀sán

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti dáhùn lórí gíráǹtì, ẹ kọ ọ́ síbí. Ọmọ tèmi náà ń wá owó fún iṣẹ́ ìwádìí HND rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lè gba méjèèjì.